Báńkì dá owó mi padà, áàpù sì ti àkáǹtì mi pa

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, inú sì ń bí mi síbẹ̀, sí ara mi jù lọ. Áàpù tí mo ń kó fọ́tò pamọ́ sí yọ owó ọdún kan lórí káàdì mi. Mo ti pa áàpù náà rẹ́ lórí fóònù, mo sì rò pé ó parí, àṣé pípa á rẹ́ kì í fòpin sí àdéhùn ìsanwó.

Dípò kí n kọ̀wé sí wọn, báńkì ni mo pè. Báńkì bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ṣájíbáàkì, ìyẹn ni pé kí báńkì fipá gba owó padà lọ́wọ́ ẹni tó yọ ọ́, owó sì wọlé ní ọjọ́ kẹrin. Mo yọ̀, láìmọ̀ pé owó onígbà díẹ̀ ni, tí wọ́n lè yọ padà bí oníáàpù bá fi ẹ̀rí hàn pé mo gbà kí wọ́n máa yọ ọ́.

Ní òru ọjọ́ kẹsàn-án ni mo fẹ́ wo fọ́tò màmá mi tó ti di olóògbé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àkáǹtì mi ti di títìpa nítorí àríyànjiyàn lórí owó. Mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni pé òun ni kò pé. Fọ́tò ọdún 8 wà níbẹ̀, ojú ewé tí mo lè gbà bá wọn sọ̀rọ̀ sì ń béèrè pé kí n kọ́kọ́ wọlé sínú àkáǹtì tí wọ́n tì náà. Mo jókòó sórí ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo bẹ báńkì kí wọ́n fagi lé ẹjọ́ náà, mo fi lẹ́tà wọn ránṣẹ́ sí ímeèlì oníáàpù, mo san owó náà padà, wọ́n sì ṣí i.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé oníáàpù ni kí a kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí òun fúnra rẹ̀ bá dá owó padà, ohun tí a sanwó fún nìkan ló sábà máa ń gbà, àkáǹtì á sì wà. Ṣùgbọ́n bí báńkì bá fipá gbà á, oníáàpù á pàdánù owó náà, á tún san owó ìtanràn lé e, àwọn bíi Visa àti Mastercard sì ń ka iye irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ka oníbàárà bẹ́ẹ̀ sí oníjìbìtì.

Ẹ má sọ pé mo ń gbèjà wọn. Bí ó bá jẹ́ pé olè ló lo káàdì yín, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀. Tèmi kì í ṣe olè, àìkàwé àdéhùn ni. Ọjọ́ tí oníáàpù fi ń gba ẹ̀bẹ̀ pé kó dá owó padà lè kéré gan-an, nítorí náà ẹ kọ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn. Àyè tí a ní láti pe ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní báńkì sábà máa ń tó 120 ọjọ́, nítorí náà dídúró de èsì fún ọ̀sẹ̀ kan kò ba nǹkan jẹ́, báńkì á sì bi yín bóyá ẹ ti kọ́kọ́ bá oníáàpù sọ̀rọ̀. Wọ́n bi mí. Mo parọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ti kó gbogbo fọ́tò mi sórí kọ̀ǹpútà báyìí, mo sì ti fagi lé àdéhùn náà nínú ètò àkáǹtì, níbi tó yẹ kí n ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.