Bí ẹ bá fẹ́ gbé ohùn máìkì gba inú ọ́pámpù tó ń jẹ bátìrì kan ṣoṣo: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ṣe ẹlẹtiróníìkì ní Òṣogbo níbí, tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ọ́pámpù, ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀ máìkì díẹ̀. Sákíìtì tí ẹ máa ń rí nínú ìwé, fóòtì méjì ló máa ń jẹ, ọ̀kan wà lókè òdo, ìkejì wà nísàlẹ̀ òdo, àmọ́ bátìrì 9V kan péré ló wà lọ́wọ́ wa, ẹ wá so píìnì 4 mọ́ gíráùndì, ẹ rò pé ó ti parí. Kò tíì parí o. Ohùn èèyàn nínú máìkì, ó ń lọ sókè ó ń wá sísàlẹ̀ ni, bó bá sì jẹ́ orí òdo ni píìnì 3 tí ohùn ń gbà wọlé jókòó sí, ìdajì ohùn yẹn tó fẹ́ lọ sísàlẹ̀ kò ní ríbi lọ. Ẹ wo jangirọ́fà tí wọ́n so débi pé àga rẹ̀ kanlẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni lè fì í? Ẹ gbọ́dọ̀ gbé e kúrò nílẹ̀ ná. Torí náà ni a ṣe ń gbé píìnì 3 lọ sí àárín, ìyẹn 4.5V lórí bátìrì 9V, kí ohùn lè ráyè lókè kó sì ráyè nísàlẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí, TL072 ni mo ń lò. Rẹsítọ̀ 10k méjì, ọ̀kan láti 9V, ìkejì lọ sí gíráùndì, ibi tí wọ́n ti pàdé ni 4.5V wa. Kapásítọ̀ 100µF kan láti ibẹ̀ lọ sí gíráùndì. Láti ibẹ̀ kan náà, rẹsítọ̀ 100k lọ sí píìnì 3, ohùn máìkì náà á gba inú 100nF wá sí píìnì 3. Ẹ má gbàgbé rẹsítọ̀ 100k yẹn o, ẹlòmíì máa so ibi ìpàdé yẹn mọ́ píìnì 3 tààrà torí pé fóòtì rẹ̀ ṣáà pé, fóòtì pé lóòótọ́ àmọ́ 100µF tó wà níbẹ̀ máa fa gbogbo ohùn máìkì lọ sí gíráùndì, ẹ máa pariwo títí ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ní ti ìlọ́po, 100k láti píìnì 1 tí ohùn ń gbà jáde sí píìnì 2, 1k láti píìnì 2 lọ sí gíráùndì, àmọ́ kì í ṣe tààrà o, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́:

```
gain = 1 + 100k/1k = 101
```

Ìlọ́po yẹn kò pọ̀ jù, torí ohùn tó ń jáde látinú máìkì kékeré roboto tí a máa ń rà yẹn, mílífóòtì díẹ̀ ni.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni 1k yẹn. Ọmọ IT kan gbé bọ́ọ̀dù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Òkè-Fìà, ó fẹ́ fi ṣe ẹ̀rọ ohùn kékeré fún ilé kéwú kan ládùúgbò wọn. Sódà rẹ̀ mọ́, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ohùn ò jáde rárá, ó ti pààrọ̀ máìkì, ó ti pààrọ̀ ọ́pámpù fúnra rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Mo ní kó gbé mítà sí píìnì 1, ó ka bí i 8V. Píìnì 3 ń ka 4.5V bó ṣe yẹ. Píìnì 2 wá ń kọ́? Kò tó 0.1V. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti hàn. Nígbà tí ọ́pámpù bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ńṣe ló máa ń lo píìnì 1 láti fa píìnì 2 títí fóòtì tó wà níbẹ̀ á fi bá ti píìnì 3 dọ́gba. Bí ẹ bá rí i pé àwọn méjèèjì jìnnà síra báyìí, á jẹ́ pé ọ́pámpù ti sá lọ kan òrùlé, agbára ẹ̀ ò ká a mọ́.

Ohun tó fà á ni pé ó so 1k mọ́ gíráùndì tààrà, bó ṣe rí i nínú àwòrán oní-fóòtì-méjì. Níbẹ̀ kò sí ìṣòro, torí òdo ni píìnì 3 wọn jókòó sí, òdo lọ́nà 101 náà òdo ni. Tiwa lórí 4.5V ló jókòó, ọ́pámpù ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín fóòtì tí a gbé e lé àti ohùn tí a fẹ́ kó sọ di ńlá, gbogbo ẹ̀ ló máa fẹ́ sọ di ọ̀nà 101. 4.5 lọ́nà 101 ti lé ní 450V, ẹ wo bátìrì 9V, níbo ló ti máa rí i? Ó kàn lọ lẹ̀ mọ́ òkè ni.

Oògùn rẹ̀ ni kapásítọ̀ kan, 10µF, tí a fi sáàárín 1k àti gíráùndì, ẹsẹ̀ tó jẹ́ pọ́sítíífù kó kọjú sí 1k. Fóòtì tó dúró sójú kan kò lè gba inú kapásítọ̀ kọjá, torí náà lójú 4.5V yẹn, ńṣe ló dà bíi pé 1k ò sí níbẹ̀ rárá, ìlọ́po á wá di 1, píìnì 1 á jókòó sí 4.5V. Ohùn tó ń lọ tó ń bọ̀ ní tiẹ̀ á gba inú kapásítọ̀ kọjá, ìlọ́po 101 á sì wà fún un. A gé ojú sódà yẹn, a fi 10µF sí i, a tan án. Ó máa gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí kapásítọ̀ tó kún, ẹ má kánjú ní kò ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ìyẹn píìnì 1 sọ̀ kalẹ̀ wá sí 4.5V, píìnì 2 gòkè wá bá a, ohùn jáde.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 10µF, ṣé 1µF ò ní ṣe é ni? Ẹ ṣírò rẹ̀:

```
f = 1 / (2 × π × R × C)
```

Pẹ̀lú 1k àti 10µF, ẹ máa rí bíi 16Hz, ó jìnnà sísàlẹ̀ ohùn èèyàn. Pẹ̀lú 1µF ó di bíi 160Hz, ohùn ọkùnrin tó nípọn máa tín-ín-rín, bíi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. 100nF tó wà lẹ́nu ìwọlé, 100k ló bá ṣiṣẹ́, òun náà wà níbi 16Hz yẹn, ìdí nìyẹn tó fi lè kéré tó bẹ́ẹ̀ láìpa ohùn lára.

Ó dáa, lórí bátìrì gbogbo nǹkan dákẹ́ minimini. Nígbà tí ọmọ yẹn wá lọ so ó mọ́ ádápítọ̀ onítiransifọ́mà, húù! Ariwo náà bo ohùn mọ́lẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì tó wà lórí fóòtì ádápítọ̀ ni, iná wa jẹ́ 50Hz, lẹ́yìn tí dáyóòdù bá tò ó tán ó di 100Hz. Ọ̀nà méjì ló ń gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni ibi ìpàdé 10k méjì yẹn, torí bí wọ́n ṣe ń pín 9V sí méjì náà ni wọ́n ń pín ìgbọ̀nrìrì rẹ̀, ìyẹn ni iṣẹ́ 100µF tó wà níbẹ̀, òun ló ń pa á. Ẹlòmíì máa yọ ọ́ kúrò torí mítà ń ka 4.5V pẹ̀lú ẹ̀ tàbí láìsí i. Mítà DC ò lè rí ìgbọ̀nrìrì fún yín, etí ló máa gbọ́ ọ.

Ọ̀nà kejì ló burú jù, òun gan-an sì ni wọn kì í kíyè sí. Máìkì kékeré yìí ní tiransísítọ̀ nínú, ó nílò fóòtì tiẹ̀, a máa ń fún un láti inú rẹsítọ̀ 4.7k tó wá láti 9V. Bí 9V yẹn bá ń gbọ̀n, ìgbọ̀nrìrì náà máa gba inú 4.7k wá sórí máìkì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín kù rárá, á bá ohùn wọ inú 100nF, ọ́pámpù á sì sọ ọ́ di ọ̀nà 101. Ká ní ìgbọ̀nrìrì jẹ́ 20mV péré, lẹ́nu àbájáde ó ti di bíi 2V, bẹ́ẹ̀ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè má tó 1V níbẹ̀! Ẹ fi 2.2k ṣáájú 4.7k, ẹ wá fi 100µF láti àárín wọn lọ sí gíráùndì. Ní 100Hz, 20mV yẹn á dín kù dé bíi 0.15mV kó tó dé ọ̀dọ̀ máìkì. Máìkì á pàdánù fóòtì díẹ̀, ó máa wà níbi 7V, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ mítà tún kù. Mítà alábẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ yín ń lò, tí wọ́n kọ 20k/V sí lára, bí ẹ bá gbé e sí ìwọ̀n 10V, 200k ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá gbé e sí píìnì 3, 100k wa àti 200k tiẹ̀ máa pín fóòtì láàárín ara wọn, abẹ́rẹ́ á ka bíi 3V, ẹ máa rò pé rẹsítọ̀ kan ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ mítà yín ló ń fa á wálẹ̀. Píìnì 1 ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Ibẹ̀ lágbára tó láti gbé mítà èyíkéyìí, níwọ̀n ìgbà tí ìlọ́po fóòtì tó dúró sójú kan sì jẹ́ 1, ohun tó bá wà ní píìnì 3 lẹ máa bá níbẹ̀. Mítà onínọ́ńbà ò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀, torí òun máa ń tó 10M.

Ẹ fi 10µF gbé ohùn jáde láti píìnì 1, ẹsẹ̀ pọ́sítíífù sí píìnì 1, kí 4.5V má bàa lọ bá ámúpù tó kàn. Ìdajì kejì TL072 tẹ́ ẹ ò lò, ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo, ẹ so píìnì 7 mọ́ 6, kẹ́ ẹ so 5 mọ́ ibi 4.5V yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè máa gbọ̀n fúnra ẹ̀ kó sì da ìkejì láàmú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lo 5V láti inú ṣájà fóònù ńkọ́? TL072 kì í ṣe tiyín, ààyè tó máa ń pàdánù lókè àti nísàlẹ̀ ti pọ̀ jù fún 5V. LM358 máa ṣe é, àmọ́ lórí tiẹ̀, ìdajì kọ́ ni àárín o. Ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀bá òdo, ṣùgbọ́n lókè ó máa ń dúró ní bíi 1.5V sísàlẹ̀ fóòtì tó ń jẹ, ìyẹn 3.5V. Bí ẹ bá gbé e lé 2.5V, 1V péré ló kù fún un lókè, ohùn ńlá máa gé lókè nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì ní ààyè rẹpẹtẹ. Àárín 0 àti 3.5 ni kẹ́ ẹ wá, ìyẹn bíi 1.75V. Ẹ fi 18k sókè, 10k sísàlẹ̀ dípò 10k méjì, ẹ máa rí 1.8V, ìyẹn ti dáa. Gbogbo ìyókù dúró bó ṣe wà, bí ẹ bá wá wọn píìnì 1, 1.8V lẹ gbọ́dọ̀ bá níbẹ̀.