Ìwé Àròjinlẹ̀: Gbólóhùn Wo Ló Yẹ Ká Fún Ní Máàkì?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó máa ń lọ ṣe tí-pí, ìyẹn fífi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Ọ̀yọ́ máa ń kọ ìwé àròjinlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè fi ronú lórí bí ẹ̀kọ́ wọn ṣe lọ. Ìròyìn ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kó wá: mo wọ kíláàsì, mo kọ àkòrí sójú pátákó, mo ṣàlàyé, wọ́n dáhùn, mo fún wọn níṣẹ́ àmúrelé, agogo lù. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ẹni tó ń máàkì gbọ́dọ̀ lè fi ìka tọ́ gbólóhùn náà gan-an tí ìròyìn ti di ìrònú. Bí kò bá lè ṣe é, ẹni tó mọ̀wé kọ ni yóò kàn máa fún ní máàkì.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ká wo ọ̀nà mẹ́rin tí èèyàn lè gbà kọ ọ́; ìpele ìrònú kan ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, láti ìkíní dé ìkẹrin. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan kọ́ àwọn ọmọ Páìmárì 5 bí wọ́n ṣe ń ro ìdá pọ̀: 1/2 + 1/3. Ìdáhùn tó tọ́ ni 5/6, ṣùgbọ́n 2/5 ni ọ̀pọ̀ ọmọ kọ.

Ọ̀nà kìíní: “Mo ya ọsàn méjì sójú pátákó. Mo pín ọ̀kan sí méjì, mo pín èkejì sí mẹ́ta, mo sì kun ìpín kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Mo bi wọ́n bóyá ó yé wọn, wọ́n ní, ‘Ó yé wa, mà.’ Nígbà tí mo máàkì ìwé wọn, ọ̀pọ̀ ló kùnà. Inú mi bàjẹ́ gan-an.” Ìròyìn ni gbogbo èyí. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló máa ń tan àwọn alábòójútó jẹ. Bí inú ṣe rí wà lára ohun tó ṣẹlẹ̀. Àfi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi ara rẹ̀ ní ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ìpele kìíní náà ló ṣì wà.

Ọ̀nà kejì: “Wọ́n ro òkè mọ́ òkè, wọ́n ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìsàlẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Wọn ò fọkàn sí i.” Àlàyé ti wọ̀ ọ́, ó sì mọ ibi tí àṣìṣe wà. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìṣirò la ti lè rí apá kan, apá kejì sì ni ọ̀rọ̀ tó bá gbogbo kíláàsì mu. Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń dán irú gbólóhùn báyìí wò: ká gbé e sínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, tó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Bó bá bá a mu láìyí ọ̀rọ̀ kankan padà, kò tíì kọjá ìpele kejì. “Wọn ò fọkàn sí i” á bá gbogbo ẹ̀kọ́ mu láti ìṣirò dé orin.

Ọ̀nà kẹta: “Mo tún àwòrán mi wò. Ìpín márùn-ún ló wà lójú pátákó lápapọ̀, méjì ni mo kùn. Ọmọ tó bá ka ohun tí mo yà, 2/5 ni yóò rí. Olùkọ́ kíláàsì ní wọn ò mọ ìlọ́po tó ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìlọ́po dáadáa náà kọ 2/5.” Níbí ni ìrònú ti bẹ̀rẹ̀. Àlàyé méjì ló gbé kalẹ̀, ó sì fi ẹ̀rí inú ìwé àwọn ọmọ wọ̀n wọ́n. Ó ti kúrò lórí pé àwọn ọmọ ṣàṣìṣe, ó ti dé orí ohun tí àwòrán tirẹ̀ fi kọ́ wọn.

Ọ̀nà kẹrin ń wá ohun tó fara sin lábẹ́ ìyẹn: “Mo ti gbà pé bí kíláàsì bá ti dáhùn ní ohùn kan, ó ti yé wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ti kọ́ nílé pé èèyàn kì í já àgbà ní koro, kí ló tún fẹ́ wí ju ‘Ó yé wa, mà’ lọ? N kò ní fi ìbéèrè yẹn parí ẹ̀kọ́ mọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ká ìwé pẹlẹbẹ kan sí ọ̀nà mẹ́fà, yóò fi ìdajì àti ìdámẹ́ta rẹ̀ hàn mí lára ìwé kan náà.” Ó dárúkọ ohun tó ti gbà gbọ́, ó sọ ibi tó ti rí i kọ́, ó rí ohun tó ń ṣe fún àwọn ọmọ, ìṣe rẹ̀ sì yí padà lọ́nà tí a lè lọ wò ní kíláàsì.

Ìpele mẹ́rin kì í ṣe àbá tuntun. David Kember àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún 2008. Ìmọ̀ràn wọn tó wúlò jù lójú mi ni pé kí a fi ìpele tó ga jù tí ìwé náà dé díwọ̀n gbogbo rẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ronú láìkọ́kọ́ ròyìn, nítorí náà ìwà ìrẹ́jẹ ni kí a yọ máàkì nítorí ìròyìn tó wà níbẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń kà á tán láìmú bírò lọ́wọ́. Ní kíkà kejì, mo máa ń kọ 1, 2, 3 tàbí 4 sétí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ìpele ti yí. Mi ò ní ka ìpele kan sí àyàfi tó bá dúró fún bíi gbólóhùn mẹ́ta, torí gbólóhùn kan lè jẹ́ ohun tí wọ́n há sórí. Nínú máàkì 10, ìpele kìíní kì í kọjá 3, ìkejì ń gba 4 tàbí 5, ìkẹta 6 tàbí 7, ìkẹrin 8 sókè. Ìpele kẹrin ṣọ̀wọ́n. Èrò tó ti wà lọ́kàn èèyàn láti kékeré kì í yí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá sì ń bèèrè rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń kọ́ wọn láti máa parọ́ ni. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n yan méjì tó dára jù nínú ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn yẹn ni mo ń fún ní máàkì.

Irọ́ yẹn ní àmì. Àwọn kan ti mọ̀ pé ìjẹ́wọ́ ń mú máàkì wá, wọ́n á wá máa na ara wọn lẹ́gba: “Èmi ni mo fà á, mi ò múra tó, mà á ṣe dáadáa sí i.” Kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀, kò sí àwòrán, kò sí ìdáhùn tí ẹnì kan kọ. Ìpele kejì ni, bó ti wù kó dunni tó. “Mo kọ́ pé” náà kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e.

Èdè tún lè bo ìrònú mọ́lẹ̀. Ẹni tí gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán mọ́rán yóò sá lọ sínú ìròyìn, torí ìròyìn rọrùn láti kọ. Níbi tí òfin bá ti gbà á láyè, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá kọ apá ìrònú, n kì í sì yọ máàkì nítorí gírámà.

Kí máàkì tó wọlé, ó dáa kí alábòójútó méjì máàkì ìwé márùn-ún kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àárín ìpele kejì àti ìkẹta ni ìjà sábà máa ń wà. Kí ẹni tó fún un ní ìpele kẹta ka gbólóhùn tó rí síta. Bí kò bá rí gbólóhùn kà, ìpele kejì ni.

Ìṣòro náà sì lè ti ọwọ́ ẹni tó béèrè wá. Bí iṣẹ́ tí a fún wọn bá sọ pé “Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí”, ìròyìn la bèèrè, ìròyìn náà ni wọn yóò kọ. Mo máa ń ní kí wọ́n mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo tó ya wọ́n lẹ́nu, kí ìròyìn rẹ̀ má kọjá ìdámẹ́ta ojú ìwé, kí wọ́n sì lẹ iṣẹ́ ọmọ kan mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè kan péré ni mo ń kọ sétí ìwé wọn. Ìpele kìíní: “Kí ló fà á?” Ìkejì: “Báwo lo ṣe mọ̀?” Ìkẹta: “Kí lo ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ tí o kò fi tètè rí i?”