Ẹ sọ aago fún ọ̀gá yín: ohun tí ọjọ́ tí ilé ìwé ọmọ mi tì lójijì fojú mi rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ sì lọ́mọ nílé ìwé, ẹ mọ irú mẹ́sééjì tí mò ń sọ. "Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú àwọn ọmọ yín kó tó di aago 12." Wọn ò sọ nǹkan kan lánàá, wọn ò sì ní ṣàlàyé púpọ̀. Tiwa lọ́jọ́ yẹn, páìpù omi ló bẹ́, gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò ṣeé lò, wọn ò sì lè kó ọmọ kéékèèké jọ síbẹ̀ láìsí omi. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn o. Ara mi ni mò ń bá jà, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, ìjà náà ò tíì parí.

Aago 10:52 ni wọ́n fi mẹ́sééjì náà ránṣẹ́ sí gbogbo òbí. Fóònù mi wà nínú dúrọ́ọ̀, mo ti pa ohùn ẹ̀ torí wọn ò fẹ́ kó máa dún lọ́fíìsì. 11:25 ni mo tó rí i. Láti ibi iṣẹ́ mi dé ilé ìwé, ogójì ìṣẹ́jú ni, ìyẹn tí bọ́ọ̀sì bá tètè wá. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ká ní mo dìde lójú ẹsẹ̀ ni, ǹ bá dé ní 12:05, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ǹ bá fi pẹ́. Mo dìde lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀gá ni mo lọ dúró sí.

Ọ̀gá wà nínú mítìn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, mò ń rí orí wọn láti ara gíláàsì. Mo ní kí n má já lu ọ̀rọ̀ wọn. Mo dúró, mo lọ mu omi, mo padà wá dúró. Àwọn tó ń kọjá ń wò mí bí ẹni tó wá tọrọ owó. Nígbà tó di 11:50 mo ṣáà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ mo yọ orí wọlé, ẹ gbọ́ nǹkan tó jáde lẹ́nu mi: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí sà, ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni sà, wọ́n ní ìṣòro díẹ̀ nílé ìwé wọn, mo kàn fẹ́ bi yín bóyá mo lè tètè lọ lónìí sà." Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀." Mo ní ó dáa sà. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mo padà lọ jókòó bí ọmọlúàbí.

Kẹ́nikẹ́ni má bi mí pé bàbá ọmọ ńkọ́. Ibi iṣẹ́ tiwọn ju wákàtí méjì lọ sí ilé ìwé, kí wọ́n tó débẹ̀ aago 12 á ti kọjá tipẹ́.

Mo wá pe àbúrò mi obìnrin, ilé ẹ̀ ò jìnnà sí ilé ìwé náà, kò jù rírìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó sáré débẹ̀. Tíṣà ṣí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó lè mú ọmọ sí, orúkọ èmi àti bàbá ẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní kí àbúrò mi gbé fóònù fún tíṣà kí n bá wọn sọ̀rọ̀, tíṣà ní ẹ má bínú mà, ohùn lórí fóònù ò tó, ẹnikẹ́ni lè ní òun ni ìyá ọmọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ! Èmi náà ò ní fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ mi fún ẹni tí wọn ò mọ̀. Wọ́n ní kí àbúrò mi dúró níta géètì. Ọmọ mi sì rí i. Ó rí àǹtí ẹ̀ láàárín irin géètì, ó sáré wá, wọ́n fà á padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àbúrò mi pè mí, mò ń gbọ́ igbe yẹn létí mi, mo jókòó sẹ́yìn tábìlì lọ́fíìsì, fáìlì wà níwájú mi, mo sì ń dúró de "ìṣẹ́jú díẹ̀".

Ó di 12:35 kí ọ̀gá tó jáde. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? "Ṣé ẹ ṣì wà níbí ni? Mo rò pé ẹ ti lọ."

Mi ò lè dá wọn lóhùn. Gbogbo ìgbà tí mò ń dúró pé kí wọ́n yọ̀ǹda mi, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé aago kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà. "Tètè lọ" tí mo sọ, lójú tiwọn ó lè jẹ́ aago 3, ó lè jẹ́ 3:30, aago 4 la sáà ń ṣíwọ́. "Ìṣòro díẹ̀" tí mo sọ, díẹ̀ náà ni wọ́n gbọ́. Èmi ni mo fi ẹnu mi sọ ọ́ di kékeré torí mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo fẹ́ràn àwáwí.

12:38 ni mo jáde. Bọ́ọ̀sì ò tètè wá, 1:25 ni mo débẹ̀. Gbogbo ọmọ ti lọ. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá bàbá tó ń ṣọ́ géètì, ó ti sunkún títí ojú ẹ̀ ti wú, báàgì ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní kí ló dé tí o ò sọ báàgì yìí kalẹ̀? Ó ní tíṣà ló ní kí àwọn gbé báàgì kọ́rùn kí àwọn múra, pé mọ́mì àwọn ń bọ̀. Láti aago 11 nìyẹn o. Nígbà tí mo bọ́ ọ kúrò, ojú okùn báàgì náà ti pọ́n sí èjìká ẹ̀ méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Mi ò tíì lè gbé báàgì yẹn sókè láìwo okùn ẹ̀.

Nítorí náà ohun tí mo kọ́ nìyí, bí ẹ ò bá tiẹ̀ mú èyí tó kù, ẹ mú èyí: ẹ sọ aago. Ẹ má sọ pé "mo fẹ́ tètè lọ", ẹ sọ pé "mo máa kúrò níbí ní 12:10". Kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ ṣírò ẹ̀ láti ẹ̀yìn wá. Aago tí ilé ìwé fẹ́ tì, ẹ yọ ìrìn àjò kúrò, ẹ yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún bọ́ọ̀sì tó lè pẹ́, èyí tó kù ni aago tẹ́ ẹ máa dìde. Tí aago yẹn bá ti kọjá kí ẹ tó rí mẹ́sééjì, ẹ sọ pé "mò ń lọ báyìí". Ẹni tẹ́ ẹ bá dárúkọ aago fún á mọ̀ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òun ní kẹ́ ẹ fún òun ti jẹ wákàtí yín. Ẹni tí ẹ ò dárúkọ aago fún, ẹ má dá a lẹ́bi, mo ti dá tèmi lẹ́bi títí, ó sú mi.

Èyí kì í ṣe ìwà àfojúdi o, àwọn kan á ní èmi ń kọ́ yín láti máa pàṣẹ fún ọ̀gá. Ẹ ṣì lè fi "ẹ jọ̀ọ́ sà" sí i, kí aago ṣáà wà nínú ẹ̀. Tí ọ̀gá bá wà nínú mítìn, ẹ kọ ọ́ sórí pépà ẹyọ kan kẹ́ ẹ wọlé kẹ́ ẹ fi síwájú wọn, tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù wọn, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó tẹ̀lé wọn. Ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà yẹn gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ orúkọ nílé ìwé, ẹ lọ wo tiyín lónìí. Èmi rò pé mo ti kọ orúkọ àbúrò mi síbẹ̀, mi ò kọ ọ́, ti ilé ìwé tó lọ tẹ́lẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí. Ilé ìwé wa ní kí òbí fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀, kí ẹni náà sì mú fọ́tò wá. Èmi àti àbúrò mi ti ṣe é báyìí. Ó dára kẹ́ni náà jẹ́ ẹni tó máa ń wà nítòsí lọ́sàn-án, ẹni tó wà nílé lálẹ́ nìkan ò wúlò fún irú èyí.

Ohun kan tún wà tó dùn mí. Lópin oṣù mo rí i pé wọ́n yọ ìdajì ọjọ́ nínú ọjọ́ ìsinmi mi. Wákàtí mẹ́rin nìyẹn, èmi ò sì lò tó wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà mo jókòó láti aago 8 sí 10 mo parí iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀, àmọ́ mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò kọ ọ́ síbì kankan, nítorí náà kò sí nínú ìwé. Ìsinmi ni wọ́n fẹ́ yọ ni o, àbí owó oṣù, àbí kẹ́ ẹ fi wákàtí míì dí i, ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ti bi wọ́n, kí ìdáhùn sì wà ní kíkọ. Ẹ má sì sọ pé ara yín ò yá. Ẹnì kan lọ́fíìsì wa sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kó mú ìwé dókítà wá, ibo ló ti fẹ́ rí i?

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ilé ìwé tún tì, wáyà iná ló já bọ́ sínú ọgbà, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ ti lọ kó tó di aago 1. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n pè mí, torí mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa pè, mo sì ti ṣe fóònù kí nọ́ńbà wọn máa dún bí mo tiẹ̀ pa ohùn. 11:56 ni. Mo gbé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi fún ẹni tó jókòó tì mí, mo fi ibi tí mo dé hàn án, mo sì kọ èyí sí ọ̀gá:

"Ẹ káàsán sà. Ilé ìwé ọmọ mi ń tì ní aago 1 nítorí wáyà iná tó já. Mo máa kúrò níbí ní 12:10. Ìwé oníbàárà tẹ́ ẹ ń retí ní aago 2 wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì mí, ojú ìwé tó kẹ́yìn nìkan ló kù. Ẹ lè pè mí láti aago 1:30. Màá ṣe ìyókù láti aago 8 sí 10 alẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ lè kà á mọ́ wákàtí mi?"

Mo ti ń wá báàgì mi nígbà tí wọ́n dáhùn. "Ó dáa. Á kà. Ẹ máa lọ." Wọ́n wà nínú mítìn nígbà yẹn náà o.

12:52 ni mo dé géètì. Ó wà láàárín àwọn ọmọ tó kù, báàgì ẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún tíṣà pé òun ò gbé e kọ́rùn mọ́ àfi tí òun bá rí mi.