Aago tí mi ò kọ sínú líìsì ṣọ́ọ̀tì

"Ẹ̀gbọ́n, aago dà?"

Ohun tí ẹ́dítọ̀ bi mí nìyẹn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì ń dún létí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó àjọ ya eré bíi tèmi, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ti dá ilé tí ẹ yá padà fún onílé, àwọn òṣèré ti gbowó wọn lọ, ẹnì kan wá ń béèrè ohun tí ẹ ò yà.

Eré oníṣẹ́jú ogún ni. Ọjọ́ mẹ́ta la fi yà á n'Íbàdàn, ìran keje sì ni òpó tó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Àlàbá mú Ṣadé, ọmọ tó fẹ́ fi ṣaya, wá han ìyá rẹ̀. Wọ́n kí Ìyá, wọ́n jókòó, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdána ni wọ́n ń sọ. Ìyá lọ gbé omi wá lórí tíréè, ó rí aago ọkọ rẹ̀ tó ti kú lọ́rùn ọwọ́ Ṣadé, tíréè já bọ́. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ aago yẹn títí di ìran kọkànlá. Nínú ìwé eré, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: "Ìyá rí aago náà."

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò ka ìwé eré o. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́. Ibẹ̀ sì ni wàhálà ti wá. Aago yẹn hàn kedere lọ́kàn mi débi tí mo fi rò pé kámẹ́rà náà ti rí i.

Bí mo ṣe ṣe líìsì mi rèé, ìyẹn ìwé tí mo to gbogbo ṣọ́ọ̀tì tí kámẹ́rà máa yà sí. Mo ṣí ìwé eré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Àlàbá sọ̀rọ̀ nígbà mẹ́sàn-án, mo kọ kílósì mẹ́ta, láti èjìká sókè, fún un. Ṣadé sọ̀rọ̀ nígbà mẹ́fà, mo kọ méjì fún òun náà, mo tún fi èyí tí wọ́n ń yà láti ẹ̀yìn èjìká ẹnì kejì kún un, torí ó máa ń dùn ún wò. Ìyá ò sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Mo fún un ní mídíọ̀mù kan, láti ìbàdí sókè, nígbà tó ń wọlé. Ó tán. Wáìdì tó kó gbogbo pálọ̀ mọ́ra wà lókè líìsì. Ẹnu ni mo ń tọ̀ lẹ́yìn, ojú sì ni ìran náà wà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, torí mi ò tíì sọ ọ́ tán. Ẹ́dítọ̀ gbé wáìdì sójú: orúnkún Àlàbá ló bo ọwọ́ Ṣadé. Ó gbé kílósì Ṣadé: èjìká ló parí sí. Ó gbé mídíọ̀mù Ìyá: tíréè ni màmá ń wò kí omi má baà dà. Ó padà sí wáìdì, ó ń fẹ̀ ẹ́, ó ń fẹ̀ ẹ́, títí ọwọ́ Ṣadé fi yọ díẹ̀, àmọ́ àwòrán náà ti rí ṣágiṣàgi bíi gààrí tí wọn ò kù. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó jẹ́ kí ìran náà sáré lọ bó ṣe wà. Àgbà obìnrin kan gbé omi wọlé, ó sì jù ú sílẹ̀ láìnídìí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ́dítọ̀, tí ò ka ìwé eré rí, béèrè tọkàntọkàn pé, "Ṣé òòyì ló kọ́ màmá yẹn ni?"

Mi ò lè dáhùn. Mo jáde síta, mo dúró nínú òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́nẹ́rétọ̀ wọn, ariwo rẹ̀ sì tu mí lára díẹ̀, torí kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mò ń rò. Onílé ti ká kọ́tìnnì rẹ̀. Ìyá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn l'Ékòó. Aago gan-an, ti bàbá kámẹ́ràmáànù ni, bàbá sì ti gba ohun ìní wọn.

Nísinsìnyí, kí n tó kọ ṣọ́ọ̀tì kankan fún ìran kan, mo máa ń wá ibi tí inú ẹnì kan ti yí padà nínú rẹ̀. Mo máa fi bírò pupa yí i ká. Lẹ́yìn náà ni mo máa kọ ṣọ́ọ̀tì mẹ́ta sílẹ̀ kí n tó kọ òmíràn: ojú ẹni tó ń wò, ohun tó rí, àti ojú yẹn kan náà lẹ́yìn tó ti rí i. Ì báà má sọ ọ̀rọ̀ kan. Pàápàá jù lọ bí kò bá sọ̀rọ̀! Ẹni tó ń sọ̀rọ̀, a ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí a ń wo ojú ẹlòmíràn. Ẹni tó dákẹ́ ò ní nǹkan mìíràn ju ojú rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ń fa ìlà. Mo máa tẹ ìwé eré sórí pépà, màá fa ìlà láti òkè wá sísàlẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ náà, ìlà kan fún ṣọ́ọ̀tì kan, láti ibi tí ṣọ́ọ̀tì náà ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó ti parí. Gbólóhùn tí ìlà kan ṣoṣo bá kọjá lórí rẹ̀ ti di ewu. Bí ohunkóhun bá bàjẹ́ nínú ṣọ́ọ̀tì yẹn, ẹ́dítọ̀ ò ní ibòmíràn tó lè sá lọ. Nígbà tí mo ṣe èyí fún ìran keje lẹ́yìn tí ẹ̀pa ò bóró mọ́, ìlà márùn-ún ló wà lórí "Ẹ káàsán, mà." Ọ̀kan péré ló wà lórí "Ìyá rí aago náà," wáìdì yẹn náà ni.

Ojú ìwé méjì ni ìran náà. Ẹ wo bí líìsì rẹ̀ ì bá ṣe rí. Nọ́ńbà 7 lásán ni wáìdì, láti ìgbà tí wọ́n wọlé títí dé ìgbà tí Ìyá dúró gbọn-in. 7A ni Àlàbá àti Ṣadé papọ̀ lórí àga, mídíọ̀mù. 7B ni kílósì Ṣadé. 7C ni Ìyá láti ẹnu ọ̀nà, mídíọ̀mù. 7D ni kílósì Ìyá. 7E ni aago nìkan. 7F ni tíréè nílẹ̀. Bí líìsì bá gùn, ẹ fo lẹ́tà I àti O, torí lórí pátákó tí wọ́n ń pa níwájú kámẹ́rà, wọ́n jọ 1 àti 0 jù.

Mi ò ní fún ẹnikẹ́ni ní kílósì kí Ìyá tó rí aago. Títí dé ibẹ̀, wáìdì àti mídíọ̀mù ti tó, ìkíni lásán ni. Bí a bá ti ń wo ojú gbogbo èèyàn láti ibi tó tóbi tẹ́lẹ̀, kí la fẹ́ fi sọ fún olùwòran pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀?

Ní ti gíga kámẹ́rà, ibi tí ara àwọn òṣèré wà ni mo máa ń wò. Ìyá wà ní ìdúró, Ṣadé wà ní ìjókòó. Nítorí náà, òkè ni 7E ti gbọ́dọ̀ wò sísàlẹ̀, kí etí tíréè yọ díẹ̀ nísàlẹ̀ àwòrán, kí olùwòran lè mọ̀ pé ojú Ìyá la fi ń wo aago yẹn. 7D ní tirẹ̀ á wò ó láti ìsàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí orí Ṣadé wà. Kámẹ́rà méjèèjì á wà ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, torí bí a bá ré ìlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì kọjá, Ìyá á dà bí ẹni tó kẹ̀yìn sí ohun tó ń wò.

Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí ò sọ ti ìdọ̀bálẹ̀ fún mi. Kámẹ́ràmáànù wa gbé mídíọ̀mù sí gíga ẹni tó dúró, mo ní "Ákíṣọ̀n," Àlàbá dọ̀bálẹ̀, Ṣadé kúnlẹ̀, ó wá ku ògiri àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì nínú àwòrán. Ìlàjì wákàtí la fi tún iná àti kámẹ́rà tò. Líìsì mi ti ní ìlà kan báyìí fún ẹni tó dúró, ẹni tó kúnlẹ̀ àti ẹni tó jókòó, mo sì ń kọ ìgbà tí wọ́n máa yí i padà.

Kí ẹ sì ka àkókò. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá gbé kámẹ́rà láti ibì kan sí òmíràn, tí a tún iná tò, ìlàjì wákàtí ti lọ. Líìsì mi àtijọ́ ní ìgbékalẹ̀ mọ́kànlá, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ nìyẹn. Mẹ́rin la ní. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ìsàlẹ̀ líìsì la gé kúrò. Èyí tí mo kọ sókè yìí ò ju méje lọ, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, 7C àti 7D tiẹ̀ lè wà lójú kan náà bí a bá pààrọ̀ lẹ́ǹsì. Ẹ má yà á bó ṣe tò tẹ̀ léra o: gbogbo èyí tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà papọ̀, gbogbo èyí tó kọjú sí àga papọ̀. 7F ló máa kẹ́yìn pátápátá. Rọ́ọ̀gì kan la yá, omi sì ni wọ́n máa dà sí i.

Àwọn kan á ní àwọn àgbà tó ti ya eré rẹpẹtẹ kì í kọ líìsì. Òótọ́ ni. Inú orí wọn ni líìsì tiwọn wà. Èmi ò tíì ní irú orí yẹn.

Bí a ṣe tún un ṣe ò pọ̀. A tún aago yá, a so ó mọ́ àbúrò ẹ́dítọ̀ lọ́wọ́, a tẹ́ èyí tó kù nínú ańkárá Ṣadé sórí itan rẹ̀, a yà á lójú fèrèsé láàárọ̀ Sátidé. Ní ti ojú Ìyá, inú fídíò mídíọ̀mù náà la ti rí i, kí n tó ní "Ákíṣọ̀n," nígbà tí kámẹ́rà ti ń lọ. Màmá gbójú sókè, wọ́n yí i sápá òsì, ẹnu wọn là díẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré. Ẹ́dítọ̀ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó gba bẹ́ẹ̀.

Mo fi eré náà ránṣẹ́ sí màmá lánàá. Wọ́n pè mí. "Ọmọ mi, ìgbà wo lo ya ojú mi yẹn? Mi ò rántí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀." Mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

"Jẹ́nẹ́rétọ̀ rẹ ló wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé. Mo rò pé ó fẹ́ kú ni."