Mo ti fún un ní òdo kí n tó rí i pé ìlà kan péré ló ṣì

Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní akáúntì, ẹ gbọ́ tèmi. Lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ṣe fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, mo wá fún ọmọbìnrin kan ní ìṣirò dipirisiéṣọ̀n tí kò le rárá. Wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ ní ₦800,000 lọ́jọ́ kìíní ọdún, sikiráàpù ẹ̀ jẹ́ ₦80,000, kó lo rìdíúsìn bálánsì ní 20%, kó sọ iye tó máa kù nínú ìwé lẹ́yìn ọdún 3. ₦409,600 ló yẹ kó bọ́ sí. Ọmọ kọ ₦368,640. Ìsàlẹ̀ ìwé nìkan ni mo wò, mo fi báírò pupa fa igi, mo ní kó lọ tún pásẹ́ǹtì kọ́.

Ó ní "Ẹ má bínú mà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi kakulétọ̀ ṣe é o." Ohùn tó fi sọ ọ́ ló mú mi jókòó.

Mo kọ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, ọdún sí ọdún. Tèmi ní ìparí ọdún kìíní kù sí 640,000, ọdún kejì 512,000, ìkẹta 409,600. Tiẹ̀ jẹ́ 576,000, 460,800, 368,640. Mo wá yọ tiẹ̀ kúrò nínú tèmi, ohun tí mi ò ṣe rí nìyẹn látọjọ́ tí mo ti ń máàkì: ìyàtọ̀ wa jẹ́ 64,000, ó di 51,200, ó di 40,960. Ẹ wò ó dáadáa, 20% gan-an ni ìyàtọ̀ yẹn ń fi dín kù lọ́dọọdún. Ó túmọ̀ sí pé láti ọdún kejì lọ, ohun témi ń ṣe náà lòun ń ṣe, pásẹ́ǹtì tí mo ní kó lọ tún kọ́ ò ṣe é ní nǹkan kan. Ibi tó ti yà kúrò lọ́nà ò kọjá ọdún kìíní.

Àmọ́ ìyẹn ò tíì sọ ohun tó ṣe. Torí tó bá jẹ́ pé oṣù kẹwàá ni wọ́n ra nǹkan, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ka oṣù, tí ọmọ wá yọ ti odindi ọdún, ìyàtọ̀ náà máa dín kù bẹ́ẹ̀ náà ni. Nítorí náà mo mú dipirisiéṣọ̀n ọdún kìíní tiẹ̀, 144,000, mo pín in sí 0.20 kí n lè mọ iye tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó fún mi ní 720,000. Háà! Ó ti yọ sikiráàpù kúrò lára 800,000 kó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú sitiréètì láìnì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ibẹ̀ ló ti gbé e wá.

Ká ní 20% orí 800,000 ló ń yọ lọ́dọọdún ni, ọdún kìíní wa ì bá bára mu, ọdún kejì la ò bá tó pínyà, ìyẹn gan-an ni ọmọ tí ò mọ rìdíúsìn bálánsì rárá. Àìsàn ọ̀tọ̀ nìyẹn, oògùn ẹ̀ náà ọ̀tọ̀. (Tó bá sì jẹ́ àṣìṣe méjì ló wọnú ara wọn, wíwo ìyàtọ̀ nìkan ò ní tó o, ẹ ní kọ́mọ fẹnu ara ẹ̀ sọ bó ṣe rí ìlà kọ̀ọ̀kan.)

Mi ò kàn sọ fún un pé "wọn kì í yọ ọ́", torí ó máa gbàgbé. Mo ní kó máa yọ 20% láti 800,000 lọ títí ọdún 10. Ó tẹ kakulétọ̀ títí, ó kù bíi ₦85,900. Mo ní ṣó o rí i, 20% yẹn fúnra ẹ̀ ló ń gbé e lọ sítòsí sikiráàpù, tó o bá tún yọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, o ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Lóòótọ́, wọn kì í jẹ́ kó lọ sí ìsàlẹ̀ iye sikiráàpù, àmọ́ ìparí nìyẹn, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Mo pa òdo rẹ́. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo gba máàkì lórí ẹ̀, ìyókù tó tẹ̀ lé nọ́ńbà tiẹ̀ dáadáa mo fún un, àṣìṣe kan ṣoṣo ò yẹ kó jìyà ní ọdún mẹ́ta.

Ó ń kó ìwé ẹ̀ lọ ló bá yíjú padà, "Mà, ṣé a ò ní máa yọ ọ́ nínú sitiréètì láìnì náà mọ́ ni?" Mo ní jọ̀ọ́ padà wá jókòó. 800,000, yọ 80,000, pín in sí ọdún 10, ó jẹ́ ₦72,000 lọ́dọọdún.