Ọmọ Ṣábẹ tó wá ogun Kétu títí tí kò rí i

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ilẹ̀ mọ́, ìdánwò. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé wa ní Àjàṣẹ́, mò ń fi àkàrà mu ẹ̀kọ, ni fóònù mi bá dún. Ọmọbìnrin kan láti Ṣábẹ ni, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì.

"Ẹ kú ìsinmi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ fi fídíò tí Bàbá ti sọ bí Kétu ṣe fọ́ sí? Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá a, mẹ́gà mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Mo ní ó wà níbẹ̀, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti gbé e síbẹ̀. Ó ní kò sí níbẹ̀. Inú fẹ́ bí mi díẹ̀, torí èmi ni mò ń gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé Bàbá, olùkọ́ wa, nídìí iṣẹ́ ìtàn, èmi náà ni mò ń gbé fídíò sórí Yútúùbù. Mo ṣí i wò. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí mo kọ sí i lórí nìyí:

```
HIS 2404 - Séance 7 (suite)
```

Nísàlẹ̀ rẹ̀, mo kọ orúkọ gbọ̀ngàn àti ọjọ́, mo sì fi "Bonne écoute" kún un. Mo bi ọmọ náà pé kí ló tẹ̀ nígbà tó ń wá a. Ó ní òun kọ́kọ́ tẹ "chute de Kétou", lẹ́yìn náà "guerre Dahomey Kétou", nígbà tó yá òun tẹ "Kétou 1886". Mo wo ohun tí mo kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn níbẹ̀: kò sí Kétu, kò sí Dàhòmì, kò sí ogun, kò sí ọdún. Àwa méjèèjì la jàre. Fídíò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá a kò lè rí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí bí mo ṣe ń kọ àlàyé padà, fídíò ogun Kétu yìí ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Àkọlé ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ní ti nọ́ḿbà ẹ̀kọ́ bíi HIS 2404, akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n lè yí i padà. Ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní Pàràkú kò ní irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ogun kan náà ni wọ́n ń kọ́ ọ. Nítorí náà, kókó ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ìpele akẹ́kọ̀ọ́ a tẹ̀ lé e. Nọ́ḿbà a lọ sí ìsàlẹ̀ àlàyé pátápátá. Yútúùbù kì í gba àkọlé tó bá ju 100 àmì lọ, fóònù a sì tún gé e kúrú kó tó dé ibẹ̀, nítorí náà ohun tí ojú máa kọ́kọ́ rí ni kó jẹ́ ohun tí wọ́n ń wá. Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ kò tó 90:

```
La chute de Kétou (Ketu), 1886 : guerres Dahomey-Kétou – Histoire du Bénin, Licence 2
```

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìlú yẹn dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti Bàbá. Lójú pátákó, Kétu ni Bàbá máa ń kọ, wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni kọ "Kétou" níwájú wọn. Mo gbà pẹ̀lú wọn, ọmọ Kétu lèmi náà. Ṣùgbọ́n Faransé ni àwọn ọmọ fi ń kàwé, Faransé ni wọ́n fi ń tẹ fóònù, Kétou sì ni ohun tí ń bẹ lórí káàdì ìdánimọ̀ wọn. Ká ní àmì ohùn nìkan ló yàtọ̀ ni, mi ò bá má ṣe wàhálà. Lẹ́tà gan-an ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣábẹ tó di Savè. Ti Àjàṣẹ́ tiẹ̀ burú jù, torí àwọn kan ń pè é ní Porto-Novo, àwọn mìíràn ń pè é ní Hogbonou, kò sì sí lẹ́tà tó pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Mo sọ fún Bàbá pé, "Ẹ jẹ́ kí n kọ méjèèjì, sà. Tiyín ò ní parẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa, kí n ṣáà má fi tiwọn sí ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà. Mo wá fi gbólóhùn kan ní Yorùbá sínú àlàyé náà: "Bí Dàhòmì ṣe fọ́ Kétu ní 1886." Àwọn ará wa lódìkejì ààlà tí kì í fi Faransé wá nǹkan, wọ́n lè ti ibẹ̀ rí i.

Mo ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́yìn èyí. Bí mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ ló ń múni rí fídíò, mo to nǹkan bí ogójì ọ̀rọ̀ jọ sí ìsàlẹ̀ àlàyé: Kétou, Kétu, Ketu, Alákétu, Dahomey, Danxomè, Glèlè, Béhanzin, Oyo, Savè, gbogbo ẹ̀. Bàbá wò ó, wọ́n ní ó dà bí ìwé tí ìyàwó kọ fún ẹni tó ń lọ sọ́jà. Yàtọ̀ sí pé kò dùn ún kà, Yútúùbù fúnra wọn lòdì sí i pé kéèyàn máa kó ọ̀rọ̀ jọ báyìí sínú àlàyé, wọ́n sì lè yọ fídíò tìtorí rẹ̀. Irọ́ tún wà nínú rẹ̀: Bàbá kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ nípa Bẹ́hànsìn nínú fídíò yẹn. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá yẹ kó wà níbẹ̀, inú gbólóhùn ni mò ń fi í sí báyìí.

Ibo ni mo ti ń rí ọ̀rọ̀ náà? Ìwé ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí, torí bí ìbéèrè bá ṣe wí ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa ń lọ ka ohun tí wọ́n ń bèèrè nínú ẹgbẹ́ wọn lórí Wọ́sáàpù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń pe apá kan nínú ẹ̀kọ́ náà ní "les fortifications urbaines" bí Bàbá ṣe pè é. "Fídíò Àkàbà Ìdènà" ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí pé Bàbá lo bí ogún ìṣẹ́jú lórí ẹnubodè Kétu yẹn, bí wọ́n ṣe mọ ọ́n ní ìlẹ̀kùn méjì, àti bí àjèjì ṣe ń dúró láàárín. Orúkọ méjèèjì ni mo kọ.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni èyí tó kàn. Nítorí ìkánjú, mo da apá kan nínú ètò ẹ̀kọ́ kọ sínú àlàyé láìgbọ́ fídíò tán. Ètò náà sọ pé ìpàdé keje máa dé orí àdéhùn 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi pín ààlà, èyí tó gé Kétu kúrò lára àwọn abúlé rẹ̀ tó bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àkókò kò tó, Bàbá kò dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ kan jókòó wo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta tán, wọ́n ń retí ààlà. Wọ́n bú mi, wọ́n sì jàre. Fídíò ni mo ń gbọ́ kí n tó kọ nǹkan kan nísinsìnyí, mo sì máa ń kọ ohun tí kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú bí wọ́n bá lè retí rẹ̀: "La frontière de 1889 est traitée à la séance 8", pẹ̀lú ìlà tó gbé wọn lọ síbẹ̀.

Bí mo bá ti ń gbọ́ ọ, mo máa ń fi bírò kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ yí padà. Òun ló ń di orí-orí fídíò, ìyẹn àwọn ìlà tó pín fídíò sí apá-apá téèyàn lè tẹ̀. Yútúùbù ní òfin díẹ̀ lórí èyí: àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0:00, wọn kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́ta, kí wọ́n tò tẹ̀ léra, kí èyíkéyìí má sì kúrú ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, orí-orí kò ní hàn lára ọ̀pá fídíò, ibẹ̀ lèèyàn á sì ti mọ̀ pé nǹkan ò lọ déédéé. Ti Kétu rí báyìí:

```
0:00 Rappel : Oyo, Kétou, Savè
14:20 Les murs de Kétou, la porte Akaba Idéna
38:05 Les guerres Dahomey-Kétou
1:02:40 La chute de Kétou (1886)
1:24:10 Le retour des captifs (1894)
1:39:30 Questions des étudiants
```

Ẹ ò rí "Première partie" níbẹ̀. Bí mo bá ti kọ ọ́ tán, mo máa ń bo fídíò náà mọ́lẹ̀, màá ka ìlà mẹ́fà yẹn nìkan, màá bi ara mi pé bí wọ́n bá ní kí n wá ìdí tí àwọn ará Kétu tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀ fi padà wálé, ìlà wo ni màá tẹ̀? Bí mo bá ní láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ orí náà kò dáa. Ó sì dáa kí ìṣẹ́jú náà ṣáájú ọ̀rọ̀ díẹ̀. Bàbá máa ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun pẹ̀lú "ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí", ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn gbólóhùn yẹn kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Bí ẹ bá fẹ́ gé ìbẹ̀rẹ̀ fídíò kúrò, ẹ gé e kí ẹ tó kọ orí-orí. Mo gé ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ tí àwọn ọmọ fi ń wá àga jókòó, àmọ́ nọ́ḿbà tí mo ti kọ sínú àlàyé kò yí padà fúnra wọn. Fún ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo ẹni tó tẹ "La chute de Kétou" ń bọ́ sí àárín ogun.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo wọ YouTube Studio, mo wo ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó dé orí fídíò. Mo rí "chute de ketou", mo rí "ketou 1886", láìsí àmì kankan lórí wọn. Mo tún rí "porte de ketou", èyí tí n kò rò tẹ́lẹ̀, mo sì fi "porte de Kétou" kún gbólóhùn kejì nínú àlàyé lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọmọ Ṣábẹ yẹn ti wà ní ọdún kẹta báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló tún pè mí, ó ní ẹ̀kọ́ ọdún kẹta kò tíì ní orí-orí. Mo ní mò ń bọ̀. Méjì ni mò ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, mẹ́tàdínlógún ló kù.