Mo Fi Áyọ́ọ̀nù Lọ Rìsíìtì

Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn kan ló dẹ pàkúté sílẹ̀ dè mí. Mẹ́mò tó mú mi lọ́jọ́ Fúráìdé yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Èmi náà ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tútù, mo wá fà sẹ́yìn díẹ̀, mò ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òrùlé ilé rẹ̀ tán.

Kànga ẹ̀rọ là ń gbẹ́ fún àwọn ènìyàn, ọ́fíìsì wa sì wà ní Ìbarà, níbí ní Abẹ́òkúta. Sáìtì làwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ máa ń wà, lónìí Ṣàgámù, lọ́la Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi ni mo ń bójú tó ìwé owó. Ìwé méjì péré ni mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ wọn lóṣù. Kíléèmù lèkíní, ìyẹn ìwé owó tí wọ́n fi tọwọ́ ara wọn ná lórí iṣẹ́, pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀. Èkejì ni táìmùṣíìtì, níbi tí oníkálukú á kọ wákàtí tó lò lórí iṣẹ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí. Ìwé méjì. Ká ní Àpáta Olúmọ ni mo ní kí wọ́n gbé wá, ó ṣeé ṣe kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti táìmùṣíìtì tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ ọ́ lójoojúmọ́. Ìparí oṣù ni wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo àjà, wọ́n á wá kọ 8, 8, 8, 8, 8 láti òkè dé ilẹ̀. Dẹ́rẹ́bà wa kọ wákàtí 8 sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún, ọjọ́ tí gbogbo ọ́fíìsì tì pa. Mo pè é, mo ní, “Bàbá, ibo lẹ gbé mọ́tò lọ lọ́jọ́ ọdún?” Ó ní, “Ọ̀gá Akáǹtì, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń gbàdúrà fún iléeṣẹ́.” Wákàtí mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n ti kíléèmù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nínú oṣù kejì, a gbẹ́ kànga kan ní Ṣàgámù. Iṣẹ́ parí, mo ṣírò gbogbo ohun tí a ná, mo kọ bíìlì fún oníbàárà lọ́jọ́ 28, ó sì san án pé. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta, ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ wá yọ rìsíìtì dísù ₦38,500 láti inú àpò. Ti Ṣàgámù ni. Ó ti wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò láti ọjọ́ yìí wá. Mo gbé fóònù, mo pe oníbàárà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi tán, ó wá ní, “Akáǹtáǹtì, ṣé kànga tí ẹ gbẹ́ fún mi tún ń mu dísù ni?” Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Bíìlì tí ènìyàn ti san tán, ta ló fẹ́ tún un ṣí? Iléeṣẹ́ ló gbé ₦38,500 mì. Ìyẹn nìkan kọ́. Owó oṣù kejì tó bá wá wọnú ìwé oṣù kẹta, á jẹ́ kí oṣù kejì dà bí ẹni pé a jèrè rẹpẹtẹ, kí oṣù kẹta sì dà bí ẹni pé olè já wa.

Ìgbà náà ni Màdáámù, ọ̀gá wa, pè mí. Ó ní kí n kọ mẹ́mò, kó le, ṣùgbọ́n kó ní ọ̀wọ̀.

Àkọ́kọ́ tí mo kọ, inú ló ń bí mi nígbà tí mò ń kọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ó ti hàn gbangba pé àwọn kan láàárín wa ò lójútì.” Màdáámù kà á dé ibẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Akáǹtáǹtì, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n mú ìwé wá ni, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n wá bá yín jà?” Mo tún un kọ. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí rọ̀ ju mọ́ínmọ́ín lọ. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú oòrùn, Olúwa á ràn yín lọ́wọ́, ó kún ojú ewé kan. Àárín gbùngbùn ìkíni yẹn ni mo fi ọjọ́ tí mo fẹ́ gba ìwé pamọ́ sí. A lẹ̀ ẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kà á, wọ́n ní, “Àmín.” Ẹnì kan ò mú ìwé wá.

Ẹ̀kẹta ló dúró. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

“Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ kú iṣẹ́. Kíléèmù àti táìmùṣíìtì oṣù kẹta gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ kàṣíà kó tó di aago 4 ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, ọjọ́ 28. Rìsíìtì gbọ́dọ̀ ṣeé kà. Èyí tó bá dé lẹ́yìn aago 4 di ti oṣù kẹrin, ìparí oṣù kẹrin la ó sì san owó rẹ̀. Bí ohunkóhun bá fẹ́ dí yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa kí ọjọ́ náà tó pé. Òfin yìí ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ ṣeun.”

Ẹ ò rí i pé kò bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọjọ́, ó sọ aago, ó sọ ọwọ́ ẹni tí ìwé á dé àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá pẹ́. Gbólóhùn “ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀” yẹn, Màdáámù ò ní kí n fi sí i o. Èmi ni mo rò pé á dùn létí.

Ó dùn lóòótọ́. Ní Wẹ́sídeè, ìwé ti ń rọ́ wọlé. Dẹ́rẹ́bà pàápàá mú tirẹ̀ wá, ó sì fa igi sí ọjọ́ Sọ́ńdè.

Alẹ́ Tọ́sìdeè, bí aago 10, wọ́n mú iná wá ní àdúgbò wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí iná bá dé, kò sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ bóyá ó ti rẹ òun. Mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo fẹ́ lọ ṣòkòtò tí mo máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, mo bá rìsíìtì kan tó ti rún bí ewé ẹ̀fọ́. Epo bẹntiróòlù ni, ₦24,000, tí mo fi káàdì ara mi rà sínú mọ́tò ọ́fíìsì nígbà tí mò ń lọ wo sáìtì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Tìjayà-tìjayà ni mo dìde. Kíléèmù tèmi! Èmi tí mò ń lé gbogbo ayé kiri, mi ò tíì kọ tèmi.

Mo tẹ́ rìsíìtì yẹn sórí tábìlì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, kò nà. Mo wá rántí pé mo ti kọ ọ́ sára ògiri pé rìsíìtì gbọ́dọ̀ ṣeé kà. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì wà lọ́wọ́ mi. Kí lẹ rò pé mo ṣe?

Mo fi gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti òkè wá sísàlẹ̀. Nígbà tí mo gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ìwé náà nà gbọnrangandan, kò sí ìrúnjú kankan lára rẹ̀ mọ́. Ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Orúkọ iléepo, iye owó, ọjọ́, gbogbo rẹ̀ ti wọ inú òkùnkùn. Ìyàwó mi yọjú, ó wò ó, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé amàlà lẹ rò níbẹ̀ ni?”

Ohun tí mi ò rò ni pé ẹ̀rọ POS kì í lo yíǹkì. Kẹ́míkà kan ni wọ́n ti fi pa ojú ìwé rẹ̀ láti iléeṣẹ́, tí ooru bá ti kàn án, á dúdú. Ooru ni ẹ̀rọ fi ń kọ lẹ́tà sí i, ibi tó bá gbóná nìkan ló ń dúdú. Èmi wá fi ooru kan gbogbo rẹ̀. Ìdí kan náà nìyẹn tí rìsíìtì inú dáṣíbọ́ọ̀dù fi máa ń bàjẹ́ nínú oòrùn, òmíràn á ṣú, òmíràn á ṣá títí kò fi ní sí lẹ́tà kan lójú rẹ̀. Ká ní mo ti ya á ní fọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi, ǹ bá ti máa sùn.

Fúráìdé, aago 2, mo gun ọ̀kadà lọ sí iléepo náà. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ sọ pé ẹ̀rọ POS lè tún rìsíìtì tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n lò lọ́jọ́ náà ti bàjẹ́, wọ́n ti dá a padà fún báǹkì. Mo bá gba báǹkì lọ. Ìwé àkáǹtì mi fi hàn pé ₦24,000 jáde lọ́jọ́ 11, ó sì dárúkọ iléepo, ṣùgbọ́n kò sọ iye lítà, kò sì sọ mọ́tò tó mu ún. Nínú ìlànà wa, a lè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó nawó bá kọ àlàyé, tí ọ̀gá sì fọwọ́ sí i. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà báǹkì, mo kọ àlàyé: “Mo fi áyọ́ọ̀nù lọ rìsíìtì.” Mo pa á rẹ́. Mo kọ pé, “Rìsíìtì bàjẹ́ nílé.”

Aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 11 ni mo dé iwájú kàṣíà wa. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi tọwọ́tọwọ́, ó gbé ojú sókè wo aago ògiri, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ọ̀gá Akáǹtì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ti oṣù kẹrin lèyí o.”

Mo ní, “Ìyá Ààrẹ̀mú, èmi nìyí.”

“Mo mọ̀ yín, sà.” Ó yọ táìmùṣíìtì mi, tí mo ti kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé báǹkì. Bí èmi náà ṣe kọ́ ọ láti máa yẹ̀ wọ́n wò nìyẹn, ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. “Lọ́jọ́ 11, ẹ kọ ọ́ síbí pé ọ́fíìsì lẹ wà, wákàtí 8. Kíléèmù yín ní ẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èwo nínú yín ló wà lọ́nà?”

Àbí kí ni mo máa sọ? 8, 8, 8, 8, 8 ni mo kọ, láti òkè dé ilẹ̀.

Ó fi bírò pupa kọ “Oṣù kẹrin” sórí kíléèmù mi, ó dá táìmùṣíìtì padà fún mi kí n lọ tún un ṣe, ó sì kí mi pé kí n kú ọ̀nà. Bí mo ṣe yíjú, dẹ́rẹ́bà wa dúró nídìí ẹ̀rọ omi, kọ́ọ̀pù lọ́wọ́, ó ń ka ògiri sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ka Bíbélì.

“Òfin yìí ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀,” ó ní. Ó mu omi. “Àmín.”